Bàtà Kì Í Ró Bí Bàtá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí bàtá bá ró àrójù, yíya ní í ya. Ìlù ni bàtá, ẹnu ara rẹ̀ ni ó sì fi ń kéde ìparun ara rẹ̀: bí awọ rẹ̀ bá ti fẹ́ fàya, ohùn rẹ̀ a kọ́kọ́ le, a máa han gooro, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ Àyàn tí ó gbé e kọ́rùn yóò ti mọ̀ pé kò sí bí ìlù náà yóò ṣe di alẹ́. Ṣùgbọ́n bàtà, èyí tí à ń wọ̀ sẹ́sẹ̀, tí ohùn kan ṣoṣo ní ìparí orúkọ ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìlù Ṣàngó, kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Pàápàá jù lọ, bàtà tí a fi ń sáré, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní kánfáàsì, inú ni ó ti ń kú, tí òde rẹ̀ yóò sì máa dán bí ẹni pé ìjẹta ni a rà á. Ẹni tí ó bá sì dúró dìgbà tí bàtà yóò ké, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò bá a ké.

Mo sọ èyí nítorí pé ó ṣe mí rí. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ pinnu pé èmi náà yóò bá wọn sá Máratọ́ọ̀nì ìlú Èkó, eré ẹlẹ́sẹ̀ ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Èrèlè ọdún 2016, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195, mo ra kánfáàsì tuntun kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Owẹ́wẹ̀, mo sì fi í lé ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mò ń sáré lọ́sẹ̀: kìlómítà 8 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 8 lọ́jọ́bọ̀, 10 lọ́jọ́ Ẹtì, àti 14 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó mú ọ̀dà títì gbóná. Gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin títí di ìparí oṣù Bélú, nígbà tí ojúgun mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, tí orúnkún ọ̀tún sì ń fún mi ní èsì tí n kò bi í bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bí mo bá sinmi ní ọjọ́ méjì, ìrora a lọ. Bí mo bá tún sáré, a padà dé bí àlejò tí ó gbàgbé fìlà rẹ̀.

Mo fi ẹ̀sùn kan ọjọ́ orí, mo fi kan ọ̀dà, n kò fi kan bàtà, nítorí mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ aránbàtà tí ó jókòó ní orígun àdúgbò wa, ó sì ti fi ìka kan rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, rọ́bà yìí ṣì ní ọdún méjì nínú.” Òótọ́ ni ó sọ. Rọ́bà náà ṣì ní gbogbo ilà rẹ̀ lára, àyàfi ní igun òde gìgísẹ̀ tí ó ti fá díẹ̀. Fífá ibẹ̀ yẹn kò sì jẹ́ àmì ohunkóhun, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa tí ń fi gìgísẹ̀ sọlẹ̀ kọ́kọ́ ń gbé lélẹ̀, tí ọjọ́ kejì tí a ra bàtà ni ó ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà ní ìtòsí wa, ẹni tí ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọdé ní eré sísá, tí a mọ̀ sí ògbóǹtarìgì nínú ọ̀ràn ẹsẹ̀. Nígbà tí ó rí mi tí mò ń tiro jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní agbedeméjì oṣù Ọ̀pẹ, ó ní kí n bọ́ bàtà náà. Ó gbé e lé orí tábìlì ìjẹun rẹ̀ (mo tọrọ àforíjì, ó ní tábìlì ṣeé nù, eegun kò ṣeé nù), ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bàtà, ó sì rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, òkú ni ò ń gbé káàkiri yìí.”

Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo wò. Bàtà tí ó yẹ kí ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri ti fẹ̀gbẹ́ sínú, tẹ̀sì tẹ̀sì bí ọ̀mùtí tí ó fara ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fi ohun tí ó pa á hàn mí. Ìpele mẹ́ta ni bàtà ìsáré: òkè ni aṣọ tí ó gbá ẹsẹ̀ mú, ìsàlẹ̀ ni rọ́bà tí ń tẹ ọ̀dà, àárín àwọn méjèèjì ni tìmùtìmù wà, fóòmù funfun tàbí aláwọ̀ kan, tí ó kún fún àìmọye ihò tín-ín-tín tí afẹ́fẹ́ há sí. Tìmùtìmù yìí ni iṣẹ́ bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kòkòrò tí ń jobì, inú obì ni ó ń gbé. Ní ara ti èmi, lábẹ́ gìgísẹ̀ àti lábẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ìka ti bẹ̀rẹ̀, tìmùtìmù náà ti hun jọ, ó ya ilà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ bí awọ ọrùn arúgbó. Bí bàtà bá ṣì jẹ́ tuntun, irú ilà bẹ́ẹ̀ lè jáde nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti bọ́ ọ, wọn a pòórá. Tèmi wà níbẹ̀ nígbà tí bàtà ṣófo lórí tábìlì.

Níkẹyìn ó fa ìtẹ́nú bàtà yọ, ó ní kí n fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù tí ó wà lábẹ́ gìgísẹ̀ láti inú, kí n sì tẹ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ti ọmọ náà gba ìka mi, ó sì tì í padà sókè kíákíá, bí àkàrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Tèmi kò gbà, kò sì tì. Ó le gbagidi bí àkàrà àná. Bí ó bá jẹ́ pé tèmi nìkan ni mo tẹ̀, n kì bá tí mọ ìyàtọ̀, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ó ti ń le, tí ẹsẹ̀ mi sì ti ń bá a mọ́ra lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ipò bàtà rẹ̀ wá irú rẹ̀ tuntun tẹ̀, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ti ní rà á.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí fóòmù náà ti rí. Ẹni tí ń sá kìlómítà kan yóò gbé ìṣísẹ̀ bí 1,000, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò sọlẹ̀ bí ìgbà 500. Ọ̀sẹ̀ 15 ni mo ti fi sáré, kìlómítà 40 lọ́sẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 600. Nítorí náà bàtà kọ̀ọ̀kan ti gba ìlù tí ó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300. Nígbà tí a bá sì ń sáré, ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara wa ni ó ń bọ́ lé ẹsẹ̀ kan. Èmi tí mo wọn kìlógíráàmù 84, ẹ fojú inú wò ó. Ògiri àwọn ihò tín-ín-tín wọ̀nyẹn ń tẹ̀, wọ́n ń sán, afẹ́fẹ́ inú wọn ń jáde, wọn kò sì lè dìde mọ́. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ a máa sọ pé láàárín kìlómítà 500 sí 800 ni ọ̀pọ̀ bàtà ìsáré ń lò kí ó tó kú, ṣùgbọ́n ìṣirò ni èyí, kì í ṣe àṣẹ ọba: ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ tí ó sì ń sá lórí ilẹ̀ rírọ̀ lè kọjá rẹ̀, ẹni tí ó sanra tí ó ń sá lórí ọ̀dà lè má dé 500, àwọn bàtà pẹlẹbẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdíje kì í sì í pẹ́ rárá. Ojúgun tèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí nígbà tí mo sá tó 480.

Ìrora nìkan kò tó ẹ̀rí o. Bí bàtà bá jẹ́ tuntun tí ìrora kò lọ, tàbí tí ó bá wà lójú kan ṣoṣo lára eegun, tí ìka kan tó láti fi hàn, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ, kì í ṣe ọjà.

Ní ti ọjà, àwọn tí ń ra bàtà òkìríkà ní Kàtángúà àti ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Àbúrò mi kan gbé irú rẹ̀ dé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo rọ́bà rẹ̀, wọn ò fi rìn rí!” Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n fóòmù àti àtè ń darúgbó nínú àpótí pẹ̀lú, ooru àti ọ̀rinrin sì ń bá wọn yára, oríṣi fóòmù kan sì wà tí yóò fọ́ yángá bí gúgúrú lẹ́sẹ̀ ẹni láìjẹ́ pé a fi í sá ju ìrìn òpópónà kan lọ. Mo ní kí ó wo abẹ́ ahọ́n bàtà náà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lẹ bébà kékeré kan mọ́, tí oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó tẹ fóòmù, fóòmù kò dáhùn.

Èmi ra tuntun lọ́sẹ̀ kan náà tí ìyá àgbà yẹ bàtà mi wò, nítorí a kì í ti ojú ogun wá ọfà. Bàtà tí a rà nígbà tí eré ku ọ̀la yóò mú kí gìgísẹ̀ lé ròrò; ó yẹ kí ó ti mọ ẹsẹ̀ ní bíi kìlómítà 50 ṣáájú. Ní ìgbà tí a fi dé orí afárá Tádì Méénlándì ní oṣù Èrèlè, tèmi ti rí nǹkan bíi 250, ojúgun mi kò sì sọ̀rọ̀. Mo ti fi báírò kọ ọjọ́ tí mo rà á sí abẹ́ ahọ́n rẹ̀, mo sì ń kọ kìlómítà sínú ìwé ìnáwó ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó gáàrì.

Èyí àtijọ́ ni mo fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé. Nígbàkígbà tí aránbàtà bá sì rí i lẹ́sẹ̀ mi, a tún máa fi ìka kan rọ́bà rẹ̀, a ní ọdún méjì kò tíì pé.