Ọjọ́ Tí "Di" Yí Padà Sí "Jẹ́"

Nínú èdè wa, ọ̀tọ̀ ni ká sọ pé ẹnìkan jẹ́ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni ká sọ pé ó di nǹkan. Ẹni tó di olówó lónìí lè di aláìní lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá kọ ọ́ sínú ìwé pé báyìí lo jẹ́, ta ni yóò pa á rẹ́? Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè yìí lọ sí Rùwáńdà.

Ká má purọ́, òyìnbó kọ́ ló dá orúkọ Hútù, Tútsì àti Tùwá sílẹ̀. Wọ́n bá a níbẹ̀ ni. Èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, orí òkè kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Bí ẹ bá bi ẹnìkan pé kí ni "ubwoko" rẹ̀, orúkọ ìdílé ńlá rẹ̀ ló máa dá, bíi Abasinga tàbí Abagesera. Nínú ìdílé ńlá kan ṣoṣo yẹn, ẹ máa rí Hútù, ẹ máa rí Tútsì, ẹ sì lè rí Tùwá.

Tútsì sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ní màlúù tàbí tó sún mọ́ ààfin. Hútù sábà máa ń jẹ́ àgbẹ̀. Hútù tó bá kó màlúù jọ, tó sì fẹ́yàwó láti ilé ńlá, bó pẹ́ bó yá, ìran rẹ̀ lè di Tútsì. Wọ́n tiẹ̀ lórúkọ fún un: "kwihutura", ìyẹn ni pé kéèyàn bọ́ jíjẹ́ Hútù sílẹ̀ bí ẹni bọ́ aṣọ. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn o. Láyé ọba Rùwábúgírì, tó kú ní 1895, Hútù ni wọ́n ń fipá mú ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ìjòyè, ààlà náà sì ti ń le sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣì wà lára ògiri, bó tilẹ̀ há.

Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Jámánì ní 1916. Lójú tiwọn, Tútsì jẹ́ ìran àjèjì tí wọ́n bí láti jọba. Wọ́n yọ àwọn Hútù tó jẹ́ ìjòyè, wọ́n fi Tútsì rọ́pò wọn. Wàhálà kan ló kù: báwo ni akọ̀wé ṣe máa mọ ta ni ta? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, wọ́n ka àwọn èèyàn, wọ́n sì ní kí kálukú sọ ohun tó jẹ́. Nínú 100 èèyàn, nǹkan bí 84 ní Hútù làwọn, 15 ní Tútsì, ẹnìkan ní Tùwá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó gbọ́dọ̀ máa mú rìn.

Ẹ fojú inú wo Hútù kan tó ti ní màlúù bíi mélòó kan, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ti fẹ́ Tútsì. Akọ̀wé bi í, ó ní, "Hútù ni mí." Òótọ́ ló sọ. Ká ní akọ̀wé yẹn dé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà ni, bóyá ohun tí ọmọ rẹ̀ ì bá sọ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà bàbá ni wọ́n ń kọ fún ọmọ, ìdáhùn ọjọ́ kan sì di ti ìran dé ìran. "Ubwoko" gan-an ni wọ́n wá lò fún ẹ̀yà lórí káàdì. Ìbéèrè tó ń kó Hútù àti Tútsì sábẹ́ orúkọ kan tẹ́lẹ̀ ló wá ń pín wọn níyà.

Akọ̀wé yẹn lè ní, "Ohun tó sọ fún mi ni mo kọ." Lóòótọ́, kò pa irọ́ kankan. Àmọ́ a gbà pé ẹ̀bi wà. Ó gba ìdáhùn òní, ó sọ ọ́ di ti títí láé, ó sì gba agbára àtidi nǹkan míràn lọ́wọ́ ẹni tó dáhùn.

Ẹ̀bi náà kò sì tán lọ́rùn òyìnbó. Nígbà tí Rùwáńdà gba òmìnira ní 1962, Hútù ló wà lórí àlééfà. Wọ́n lè yọ ẹ̀yà kúrò lórí káàdì, wọn ò yọ ọ́. Òun náà ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye Tútsì tó máa wọ ilé ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ìjọba. Ìwé tó ti ni wọ́n lára rí ló wá wúlò fún wọn.

Ní 1994, káàdì yìí ni àwọn tó dínà ń béèrè. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, wọ́n pa èèyàn tó ju ìdajì mílíọ̀nù lọ, Tútsì ló pọ̀ jù nínú wọn. Èèyàn ló paniyan, káàdì kọ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú káàdì, apànìyàn kò nílò láti mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó o kà.

Lẹ́yìn ìpakúpa yẹn, ìjọba tuntun yọ ẹ̀yà kúrò lórí káàdì. Àwa ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ka èèyàn, tàbí kó má kọ orúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ ohun tí a jẹ́, a lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í kí a tó dáhùn: tí a bá di nǹkan míràn lọ́la, ṣé ìwé rẹ á gbà fún wa?