Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán Tó Lé Àlejò Sẹ́yìn

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó máa ń se àsè lọ́dọọdún láti fi kó owó jọ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òrùlé ilé ìgbẹ̀bí ìlú wọn ni wọ́n fẹ́ fi owó náà kàn. Wọ́n gba gbọ̀ngàn. Wọ́n san owó oúnjẹ èèyàn 200 sílẹ̀, pọ́n-ùn 18 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pọ́n-ùn 40 ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Àwòrán ìpè wọn rẹwà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ló da gbogbo ètò rú.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló kọ ọ́. Ìwọ náà kà á:

“Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó bá jẹ owó ẹgbẹ́, kó má wulẹ̀ yọjú síbi àsè ọdún yìí. Aṣọ ẹbí pọn dandan, ọwọ́ Ìyá Ẹgbẹ́ lẹ ó ti gbà á. Ibi tí a máa ń lò náà ni, àsìkò tí a máa ń bẹ̀rẹ̀ náà ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ràn wá lọ́wọ́.”

Kó tó fi í ránṣẹ́, ó fi han akápò, obìnrin kan tó jẹ́ àbúrò fún un. Akápò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ ọ̀rọ̀ gbèsè kúrò. Ẹ jẹ́ ká kọ àdírẹ́sì sí i, ká sì dárúkọ oníṣòwò tó fún wa ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn.”

Akọ̀wé dá a lóhùn pé, “Ẹni tó bá jẹ́ tiwa á mọ ibẹ̀. Àwọn onígbèsè ni mo fẹ́ kó gbọ́.”

Ibí yìí gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Àyè wà láti tún un kọ, kò sì ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àmọ́ inú ń bí i sí àwọn èèyàn díẹ̀ tó jẹ owó, ó sì jẹ́ kí ìbínú yẹn kọ ìwé ìpè fún gbogbo ayé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó fi í ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kì í dúró sínú WhatsApp ẹgbẹ́. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n gbé e sórí Facebook. Arákùnrin kan tó jẹ owó oṣù méjì péré kà á, ojú tì í, ó jókòó sílé pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Oníṣòwò yẹn wá orúkọ ara rẹ̀ títí, kò rí i. Ó sọ fún wọn pé òun ò ní fowó sí i mọ́. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn rí i lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò mọ gbọ̀ngàn náà, kò mọ Ìyá Ẹgbẹ́, kò sì rí iye tíkẹ́ẹ̀tì. Ó gbà pé wọn ò pe irú òun.

Èèyàn 87 ló wá. Owó tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ pọ́n-ùn 3,480, bẹ́ẹ̀ owó oúnjẹ nìkan ti jẹ́ 3,600. Ìrẹsì kún inú kúlà, wọ́n ń pín in gbé lọ sílé. Òrùlé ilé ìgbẹ̀bí kò di kíkàn lọ́dún yẹn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, akápò ni wọ́n ní kó kọ ọ́. Ó kọ́kọ́ lọ bẹ oníṣòwò yẹn, ó bi í bó ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà hàn án kó tó jáde. Ó pe àwọn onígbèsè lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì wá síbi àsè. Ohun tó wá kọ rèé:

“Òjò ń jò sára ìyálọ́mọ nílé ìgbẹ̀bí ìlú wa. Ẹ wá bá wa jẹun, ká lè kan òrùlé rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, gbogbo yín la pè. Aṣọ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ wọ̀.”

Ó wá kọ ọjọ́, aago, àdírẹ́sì gbọ̀ngàn ní kíkún, iye tíkẹ́ẹ̀tì, àti orúkọ ẹni tí àlejò lè pè. Ó fi orúkọ oníṣòwò náà kún un, ó sì sọ pé owó rẹ̀ ló san gbọ̀ngàn. Nọ́ọ̀sì yẹn wá, ó sì mú ọ̀rẹ́ méjì dání.

Ìwọ tí ẹgbẹ́ rẹ gbé irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́, má fi ìwé ìpè gba gbèsè. Ohun tí owó náà fẹ́ ṣe ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí lórí fóònù, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lojú kọ́kọ́ ń rí. Bó bá gùn, ìyókù á fara pamọ́. Kó o tó fi í ránṣẹ́, fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kó kà á. Bi í pé: níbo ni, ọjọ́ wo ni, èló ni, ṣé wọ́n pe ìwọ náà? Bí kò bá lè dáhùn ọ̀kan nínú wọn, má tíì fi í ránṣẹ́. Tún un kọ.