Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ ni òwe yìí ń bá wí, àmọ́ ó kan ẹni tó gbẹ́jọ́ wá pẹ̀lú. Bí a bá fẹjọ́ ẹlẹgbẹ́ wa tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ sun ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, kúérì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ nílẹ̀ wa máa ń kọ́kọ́ fún un, òun náà á sì fèsì lórí ìwé. Nítorí náà, ohun tó ṣeé fèsì sí ni kí a kọ.

Ká ní nọ́ọ̀sì kan ṣiṣẹ́ òru, tí ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í tètè dé. Pẹ̀lú ìbínú, ó kọ ọ́ pé: “Ìgbà gbogbo ni Nọ́ọ̀sì Lágbájá ń pẹ́. Ọ̀lẹ ni, kò sì ka ẹnikẹ́ni sí.” Bí Lágbájá bá fi hàn pé òun tètè dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, “ìgbà gbogbo” ti di irọ́ nìyẹn. Ní ti ọ̀lẹ àti àìkanisí, ta ló rí inú ẹlòmíràn? Aago ni ojú rí.

Ẹ jẹ́ ká tún un kọ:

“Aago 7 àárọ̀ ni Nọ́ọ̀sì Lágbájá yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 40 ló dé. Ní Tọ́sìdè, ọjọ́ 6, aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 25. Ní Túsìdè, ọjọ́ 11, aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 5. N kò lè fi àwọn aláìsàn sílẹ̀ láìsí nọ́ọ̀sì, nítorí náà mo fi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 ṣiṣẹ́ kọjá àkókò mi lápapọ̀. Mo bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ 6. Ó ní sún-kẹẹrẹ ọkọ̀ ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ojútùú sí i.”

Ìwé kejì yìí kò bú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ẹni tó bá kọ “ó máa ń pẹ́ díẹ̀” nítorí ojú àánú ti sọ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 5 di ohun kékeré. Àwáwí Lágbájá sì wà níbẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, láìsí “ó ń purọ́ ni” lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi kan wà tí ó ti máa ń dojú rú: ìwé ìfọwọ́sí. Àwọn kan á dé ní aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 40, wọ́n á kọ aago 7. Bí ìwé bá ta ko ohun tí o rí, má ṣe fi ìwé náà jẹ́rìí. Kọ ohun tí o fojú ara rẹ rí, kí o sì dárúkọ ẹni tí ẹ jọ wà níbẹ̀, bí ó bá gbà. Ohun tí o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, fi í sílẹ̀ fún onítọ̀hún láti sọ fúnra rẹ̀.

Kí o tó fi ránṣẹ́, kà á bí ẹni pé ìwọ ni Lágbájá. Gbólóhùn tí èèyàn kò lè fèsì sí bí kò ṣe pé kó bínú, pa á rẹ́.