Ẹni Tó Dákẹ́ àti Ẹni Tí Wọn Ò Dá Lóhùn

Òwe kan wà tí àwọn ọ̀gá ibiṣẹ́ fẹ́ràn púpọ̀: "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹni tí kò bá sọ ohun tó ń dùn ún, kò sẹ́ni tó máa bá a sọ ọ́. Ẹni tí ìyà ń jẹ ni wọ́n ń pa á fún, kó lè lanu. Àmọ́ lórí gúrúùpù Wọ́ọ̀sáàpù ibiṣẹ́, ọ̀gá ló ń pa á, nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán: "Ṣebí o wà lórí gúrúùpù, kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?" Òwe tó yẹ kó gba òṣìṣẹ́ wá di àwíjàre ẹni tí kò fetí sílẹ̀. Ohun tó mú mi bá a jà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí àwọn ọgbà ìkó epo pọ̀ sí, tí tánkà ń tò wọlé wá gbé epo. Kí epo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú tánkà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi wáyà ilẹ̀ há ara irin ọkọ̀ náà, torí pé ṣíṣàn epo máa ń bí iná mànàmáná jọ, ẹ̀ta iná kékeré kan sì tó láti mú kí oru epo gbaná. Ká ní àwọn méjìlá ló wà lórí gúrúùpù irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ní aago 9:14 alẹ́, ọmọkùnrin tó ń bu epo kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu wáyà ilẹ̀ tó wà níbi ìgbépo kejì ti ń mì, kò di ọkọ̀ mú mọ́." Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ó ṣí Message info, ó sì rí orúkọ ènìyàn mẹ́jọ lábẹ́ Read by. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹnìkan kí ọ̀gá kú ọjọ́ ìbí, èsì sì ń wọlé bí òjò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ wáyà yẹn kan náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pe ẹni tó máa tún un ṣe. Bí ọmọkùnrin yẹn bá tún rí ohun tó bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé ẹ rò pé á tún kọ ọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí gúrúùpù tirẹ̀ ṣe rí, kò nílò kó méfò. Kó lo Export chat, kó yọ àwòrán kúrò, yóò rí ìwé gbọọrọ kan tó ní ọjọ́, àkókò àti orúkọ níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kó wá ka orúkọ. Ká ní nínú ọ̀rọ̀ 200, ọ̀gá kọ 90, ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kọ 65, àwọn mẹ́sàn-án yòókù wá pín 45, mẹ́ta nínú wọn ò sì kọ ohunkóhun. Èyí fi ẹni tó gba ilẹ̀ hàn, àmọ́ kò sọ ìdí, torí "ẹ kú iṣẹ́" àti ìkìlọ̀ ewu ọgbọọgba ni wọ́n níbẹ̀. Kíkà kejì ló ṣe pàtàkì: nínú gbogbo ìbéèrè àti ìròyìn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé síta, mélòó ni wọ́n fèsì sí kí ọ̀rọ̀ tó yí padà? Ibẹ̀ lẹ máa ti rí i pé ẹni tí wọ́n ń pè ní onídákẹ́ ti sọ̀rọ̀ nígbà kan rí.

Ẹnìkan lè ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́. Òótọ́ ni. Dátà ẹlòmíràn ti tán, ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ alẹ́ ó ń sùn, ẹlòmíràn ò kàn lóhun tó fẹ́ sọ. Àwọn kan sì wà tí kọ́ńtíráátọ̀ kó wá, tí wọn ò tiẹ̀ fi sórí gúrúùpù rárá. Àmọ́ àwọn ìdí yìí gan-an ló yẹ kí ọ̀gá lọ wádìí, òwe yẹn sì máa ń jẹ́ kó ṣíwọ́ ìwádìí. Wọ́n á tún ní ẹni tó mọ iṣẹ́ jù ló yẹ kó sọ̀rọ̀ jù. Àmọ́ ní 2010, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Anita Woolley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ènìyàn 699 wò ní ẹgbẹ́ kéékèèké. Ẹgbẹ́ tí àwọn díẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn yòókù lẹ́nu ò ṣe dáadáa tó ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ti ń kárí. Àwa náà ò ṣàìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Òwe ẹni tó dákẹ́ yẹn gbà pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ fún un mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọ̀gá, kí ẹ tó pa á fún ọmọ abẹ́ yín, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó kọ gbẹ̀yìn jáde lórí gúrúùpù, kí ẹ ka iye ẹni tó fèsì.