Ẹni Tó Dijú Kò Lè Sọ Pé Rárá

Ẹ jẹ́ ká ronú díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. Ó ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Élì àlùfáà jókòó, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó sì rò pé ó ti mutí yó. Àlùfáà ni Élì o, inú ilé Ọlọ́run ló wà, kò sì jìnnà sí obìnrin náà. Síbẹ̀, ó ṣì í mọ̀. Hánà tiẹ̀ rí àyè dá a lóhùn, ó ṣàlàyé ara rẹ̀, Élì sì súre fún un. Ẹni tí a bá yà sínú fídíò nígbà tó ń gbàdúrà kò ní àyè yẹn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò wo ẹnu rẹ̀ lórí fóònù, yóò rò ohun tó bá wù ú, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Kì í ṣe pé mo ní ká lé kámẹ́rà jáde. Àwọn àgbàlagbà wa tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́ ń bá wa jọ́sìn nípasẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, ta ló ni ojú ẹni tó ń gbàdúrà? Àwọn kan á ní ilé Ọlọ́run kì í ṣe ibi ìkọ̀kọ̀, ẹni tó bá ti wá ti gbà kí a rí òun. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó gbà ni pé kí àwọn tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ rí i. Kò gbà pé kí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù, máa wo omijé rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó lajú lè yí ojú kúrò, ó lè fi ọwọ́ bo ojú. Ẹni tó dijú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́ ló gbọ́dọ̀ bá a sọ pé rárá níbi tí òun fúnra rẹ̀ ì bá ti sọ ọ́.

Àwa tó wà ní Òkè Ọya sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ju ìtìjú lọ. Ẹnìkan lè wà láàárín wa tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ó ti ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fídíò ìṣẹ́jú kan péré lè sọ ọ́ di aláìnílé. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni pàápàá ka ẹ̀sìn ènìyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìsìn kan, Ìdàpọ̀ Mímọ́ ti àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ká wo bí a ṣe lè yà á.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá àlùfáà sọ̀rọ̀, kí ẹ fi ẹnu kò sí ibi tí kámẹ́rà yóò dúró sí. Kí a yan ọwọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kámẹ́rà kò ní kọjú sí rárá, kí a sì kéde rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àti nínú ìkéde ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹ má ṣe ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ nawọ́ sókè láàárín ìjọ. Ta ló máa nawọ́? Jíjókòó sí ọwọ́ kan kò dójú ti ẹnikẹ́ni.

Ibi tó dára jù ni ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kó má kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan sún mọ́ yín, kámẹ́rà ni kó sún un mọ́ yín, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa kì í gba iwájú ẹni tó ń kírun kọjá; ó yẹ kí àwa náà lè bọ̀wọ̀ fún iwájú ẹni tó kúnlẹ̀. Bí ìjọ bá kúnlẹ̀, ẹ rẹ kámẹ́rà náà sílẹ̀ dé ìwọ̀n ojú wọn. Nínú ilé Yorùbá, ọmọ kì í dúró lé àgbà lórí. Bí kámẹ́rà bá ń wo àgbà tó wólẹ̀ láti òkè, ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Láti ẹ̀yìn sì kọ́, nítorí obìnrin tó tẹ̀ síwájú kò mọ ibi tí kámẹ́rà ń wò. Ẹ̀gbẹ́ ló tọ́.

Ọ̀pọ̀ máa ń tan iná kámẹ́rà nítorí pé ojú àlùfáà dúdú jù nínú àwòrán. Aṣọ funfun tó wà lórí pẹpẹ ló fa á: funfun náà ń tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì mú gbogbo nǹkan ṣókùnkùn. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú àlùfáà lórí fóònù náà, ìmọ́lẹ̀ á padà. Iná kò pọn dandan.

Nígbà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ yí kámẹ́rà sí àgbélébùú tàbí fèrèsé, ẹ jẹ́ kí ohùn ìjọ dá dé. Nígbà tí àlùfáà bá ń ya búrẹ́dì àti wáìnì sí mímọ́, àwòrán kan ṣoṣo láti òkèèrè tó. Nígbà jíjẹ àti mímu, ẹ ya ọwọ́ àlùfáà, ẹ má ya ẹnu ẹni tó ń gbà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí rèé: ẹ má ṣe gbé kámẹ́rà yí ká orí ìjókòó ní àsìkò yìí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wá ló ń jáde lọ síbi pẹpẹ. Ẹni tó jókòó ní ìdí tirẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni, bóyá ọkàn rẹ̀ ni. Bí fídíò bá fi í hàn, gbogbo àdúgbò á máa béèrè ohun tó ṣe.

Ní ti ago àti àwo mímọ́, ẹ rántí Ùsà. Èrò rere ló fi nawọ́ sí àpótí ẹ̀rí. Bí ẹ bá fẹ́ yà wọ́n, kí ẹni tó ń tọ́jú wọn gbé wọn jáde kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kó gbé wọn kalẹ̀ síbi tó yẹ, kó sì fúnra rẹ̀ yí wọn padà. Ẹ má gbé wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀, ẹ má sì fi pẹpẹ ṣe tábìlì àpò yín. Jíjẹ àti mímu ìyókù lẹ́yìn ìsìn, àti fífọ ago, kì í ṣe ohun ìran.

Bí ẹ bá ti parí, ẹ wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan láìsí ohùn, bí Élì ṣe wo Hánà. Ní ojú kọ̀ọ̀kan tó bá hàn gbangba, ẹ bi ara yín pé: àlejò tí kò gbọ́ àdúrà yìí, kí ló máa rò? Bí ìdáhùn bá kọ yín lóminú, ẹ gé e, tàbí kí ẹ lọ bá onítọ̀hún, kí ẹ fi hàn án. Ti ọmọdé, òbí rẹ̀ ni kí ẹ bi. Fídíò tó ń lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò ṣeé gé, nítorí náà kó má ṣe sún mọ́ ojú ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwòrán tí a pàdánù nípa báyìí yóò pọ̀, àwọn kan á sì rẹwà gan-an. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tó mọ̀ pé kámẹ́rà ń wo ojú òun á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sí kámẹ́rà, nígbà náà, kò sí àdúrà mọ́ tí a lè yà.