Lẹ́tà Tí Ọmọ Mi Máa Gbé Lọ Fún Ọ̀gá

Ọ̀yọ́ ni à ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì mọ ọ̀nà Gánà bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Támálè ni bàbá mi ti ń ṣòwò kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi kó ẹrù wálé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n wọn padà lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì darúgbó sí. Lọ́dún tó kọjá, bàbá àgbà yìí ránṣẹ́ pé ọmọ-ọmọ àwọn ń ṣègbéyàwó, kí n mú ọmọ mi wá kí àwọn lè rí i.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni yóò fi pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ, ìdánwò ìdajì sáà sì wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀gá lè kọ̀. Ni mo bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ibà ń ṣe ọmọ náà. Ó kà á tán, ó ní, “Mọ́mì, tí mo bá padà, ṣé kí n máa ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn?”

Àwọn kan á ní irọ́ yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó tọrọ àyè béèrè ọ̀rọ̀ ni, ẹni tí a bi sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá. Bí mo bá kọ ibà síbẹ̀, mi ò béèrè nǹkan kan mọ́. Mo ti bá ọ̀gá dáhùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo sì fi kọ irọ́ náà, ọmọ mi ni yóò máa ṣọ́ ọ títí sáà á fi parí, ní gbogbo ìgbà tí tíṣà bá bi í pé ṣé ara ti le.

Ká ní òkú òbí mi ni, mà á lọ bí ọ̀gá tilẹ̀ kọ̀. Nígbà náà, “mo fi ń tó yín létí” ni mà á kọ, kì í ṣe “mo tọrọ àyè.”

Mo ya ìwé náà, mo kọ òmíràn: ibi tí à ń lọ, ìdí rẹ̀, ọjọ́ tí a máa kúrò àti ọjọ́ tí a máa dé. Ọ̀gá fún wa ní ọjọ́ márùn-ún péré. Wọ́n ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀.

A kúrò l'Ọ́yọ̀ọ́ ní Ọjọ́rú, a ṣègbéyàwó ní Àbámẹ́ta. Bàbá àgbà fẹ́ mú ọmọ náà lọ wo ibi tí bàbá mi ti tajà rí, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú a ti wà ní gáréèjì. Wọ́n di ọwọ́ ọmọ náà mú, wọ́n ní kí ló dé tí a ò dúró.

Ó ní, “Ìdánwò ni, Bàbá.”