Ọ̀rọ̀ Kan fún Etí Mẹ́ta

Ǹjẹ́ ènìyàn lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àgbà, fún ẹlẹgbẹ́ ibi iṣẹ́ àti fún ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, kí ó má sì di ẹlẹ́nu méjì? Nígbà kan, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lónìí, ojú kan náà lórí Instagram ni gbogbo wọn ti ń wo ènìyàn.

Àbúrò mi obìnrin kan ní Ìbàdàn yege nínú ìdánwò àṣekágbá ICAN, ti àwọn aṣírò owó, lẹ́yìn tí ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ kọ sí abẹ́ àwòrán rẹ̀ pé: “Mo borí! Ojú ti ọ̀tá.” Mo bi í pé ta ni ọ̀tá náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdánwò ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá wa, tí ó san owó ìwé rẹ̀, yóò béèrè ẹni tí ń bá a jà. Àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí ìdánwò náà já kulẹ̀, yóò sì rò pé àwọn ni.

Ó tún un kọ: “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” Èyí kò bí ẹnikẹ́ni nínú, ṣùgbọ́n kò dárúkọ oore ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó gún: “Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rán mi nílé ìwé, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣé tí ẹ bá mi di iṣẹ́ mú. Ẹ̀yin alátùpà, ẹ kò jẹ́ kí n sùn. Ìgbà kẹta ni ó bọ́ sí i.” Àwọn àgbà ni ó ṣáájú, nítorí ìjúbà, àti nítorí pé ìwọ̀nba ìlà àkọ́kọ́ ni ó ń hàn kí ènìyàn tó tẹ “more”. “Ẹ” kan náà ni ó bọ̀wọ̀ fún àgbà tí ó sì kó ọ̀rẹ́ jọ. “Alátùpà” sì jẹ́ àṣírí àwọn tí wọ́n jọ kàwé lóru.

Gbólóhùn ìkẹyìn ni ó fẹ́ yọ, nítorí ìtìjú lójú àbúrò bàbá wa. Ó ní òun yóò sọ ìyẹn fún àwọn ọ̀rẹ́ nìkan lórí Close Friends, tí Instagram dá sílẹ̀ ní 2018. Mo ní ẹni tí ó bá rí i níbẹ̀ lè ya àwòrán rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn méjì tí wọ́n fìdí rẹmi ni gbólóhùn náà wúlò fún jù lọ. Ó fi í sílẹ̀.

Yíyan ẹni tí a ó kọ́kọ́ kí àti ohùn tí a ó fi kí i, ìwà ọmọlúàbí ni. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, tí wọ́n fi ohun tí wọ́n gbọ́ wé ara wọn, tí ó sì jẹ́ ìtàn kan náà, a kò purọ́. Bí ọ̀kan bá sọ èkejì di irọ́, ẹnu ti di méjì.